Sìlíńdà Tí Kò Ní Géèjì

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, sìlíńdà ìpaná méjì ló wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀kan ní géèjì kékeré lórí, ọwọ́ géèjì náà sì wà lójú àwọ̀ ewé. Èkejì, èyí tó ní ẹnu dúdú gbàgàdà bíi ti kàkàkí, kò ní géèjì rárá. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú wọn wá, ó wo géèjì ti àkọ́kọ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó parí. Nígbà tó kan èkejì, ó yọ síkéèlì tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́ nínú àpò rẹ̀, ó fi sìlíńdà náà kọ́ ọ, ó dúró títí kò fi mì mọ́, ó wá ka iye kílò tó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Àbúrò, kí ló dé tí o fi ń wọn eléyìí bí ẹni wọn ẹran?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá fi géèjì sí eléyìí, irọ́ ni yóò máa pa fún yín. Ìdajì rẹ̀ lè ti lọ kí ọwọ́ géèjì má tíì kúrò níbi tó wà. Síkéèlì ni kì í purọ́ ní tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama mu. Ohun tí a kọ́ ni pé bí ìdajì gáàsì bá jáde nínú ohun tí a kó o sí, agbára tó kù nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìdajì. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ṣìnà. Ìwé wa náà kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́, ohun méjì ló kàn gbójú fò. Ọmọ káfíńtà kan ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ló fi ohun méjèèjì sípò wọn ní ọdún 1873.

Gáàsì inú ìwé

Òfin tí a kọ́ nílé ìwé nìyí:

PV = nRT

P ni ìfúnpá, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti ara ohun tí a kó o sí. Báà ni a ó fi máa wọ̀n ọ́n níbí. Báà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fi ń tẹ̀ wá. V ni àyè tí gáàsì wà, tí a ń wọn ní lítà. Lẹ́tà n dúró fún iye gáàsì náà, tí àwọn onímọ̀ ń kà ní móòlù. T ni ìwọ̀n ìgbóná, ṣùgbọ́n Kẹ́lífìn ni wọ́n fi ń kà á, láti ibi tí òtútù kò ti lè kọjá mọ́. 27 ti Sẹ́síọ́sì, ìyẹn ọjọ́ tó móoru díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, jẹ́ 300 Kẹ́lífìn. R jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo gáàsì. Bí a bá ń lo báà àti lítà, 0.08314 ni.

Òfin yìí ti pẹ́. Robert Boyle ti kọ apá kan rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1662, pé bí a bá tẹ gáàsì mọ́ ìdajì àyè tó wà tẹ́lẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Bí òfin náà ṣe rí gan-an nìyẹn: ó ka mólékù gáàsì sí ohun tí kò ní ara, bí àmì tí ẹnu bírò tẹ̀ sórí ìwé. Ó tún kà wọ́n sí àjèjì pátápátá, tí wọ́n ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí ẹni tó fa ẹnìkan. Gáàsì pípé ni àwọn onímọ̀ ń pe irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Èmi yóò máa pè é ní gáàsì inú ìwé, torí ibẹ̀ nìkan ló ń gbé.

Àmọ́ irú rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́ nígbà tí àyè bá gbòòrò. Ẹ jẹ́ ká mú kábọ́nì dáyọ́sáìdì, gáàsì tí à ń mí síta, tó ń hó nínú mínírà, tó sì wà nínú sìlíńdà ẹlẹ́nu dúdú yẹn. Móòlù 1 rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 44. Bí a bá jẹ́ kó wà gbalasa ní báà 1, ní ọjọ́ tó móoru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lítà 25. Nínú irú àyè bẹ́ẹ̀, àṣìṣe òfin inú ìwé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí a bá kó gáàsì yìí kan náà sínú ohun kékeré ni ọ̀ràn ń yí.

Olùkọ́ tí kò gbọ́ Látìn

Johannes Diderik van der Waals ni orúkọ ọmọ káfíńtà náà. Ìlú Leiden ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1837, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́wàá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ síi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wọn kò gbà kó ṣe ìdánwò oyè ní yunifásítì, nítorí kò kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì. Ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì kúrò nínú òfin yẹn ló tó ráàyè. Ó ti di ẹni ọdún 35 nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Leiden lọ́dún 1873.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni àbájáde kan láti Belfast. Ní ọdún 1869, Thomas Andrews ròyìn ohun tó rí nígbà tó ń fún kábọ́nì dáyọ́sáìdì mọ́ inú ọ̀pá gíláàsì tín-ínrín. Bí ìgbóná bá kéré sí 31 Sẹ́síọ́sì, ó máa ń dé ibì kan tí gáàsì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí di olómi. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná bá ti kọjá 31, kò sí bí èèyàn ṣe lè fún un tó tí a ó fi rí omi nínú rẹ̀; ó kàn ń nípọn síi ni.

Van der Waals wá bi ara rẹ̀ pé, bó bá jẹ́ mólékù kan náà ló wà nínú gáàsì àti nínú olómi, kí ló dé tí a kò fi lè kọ òfin kan ṣoṣo tó máa gba àwọn méjèèjì? Ó mú òfin àtijọ́, ó sì tún un ṣe níbi méjì péré:

(P + an²/V²)(V − nb) = nRT

Ẹ wò ó dáadáa: bí a bá sọ a àti b di òfo, PV = nRT ni yóò kù. Nítorí náà, gbogbo ohun tuntun tó wà níbẹ̀ kò ju lẹ́tà méjì yẹn lọ. Lẹ́tà b dúró fún ara tí mólékù ní, a sì dúró fún bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn mọ́ra.

Àyè tí kò sí fún ẹnikẹ́ni

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí b, torí òun ló rọrùn jù. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé gbọ̀ngán kan gba igba èèyàn, tí ẹ sì wọlé bá àádọ́jọ níbẹ̀, àyè tí ẹ lè rìn sí kì í ṣe gbogbo gbọ̀ngán mọ́. Ibi tí àwọn èèyàn náà dúró sí ti kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fún mólékù. Àyè tó kù tí wọ́n lè sáré nínú rẹ̀ ni V, lẹ́yìn tí a bá ti yọ nb kúrò. Bí àyè bá sì dínkù, wọn yóò máa gbá ògiri lemọ́lemọ́ síi. Ìdí nìyí tí b fi máa ń mú kí ìfúnpá ga ju bí ìwé ṣe sọ lọ.

Àwọn kan máa ń rò pé b ni ìwọ̀n mólékù fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tóbi tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ẹ mú bọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n tóbi bákan náà, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn kan ara. Àárín ti ọ̀kan kò lè sún mọ́ àárín ti èkejì ju ìbú bọ́ọ̀lù kan lọ. Nítorí náà, yíká àárín bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, àgbègbè kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ fún àárín èkejì, àgbègbè náà sì tóbi ní ìlọ́po 8 bọ́ọ̀lù kan. Àwọn méjèèjì ló jọ ni èèwọ̀ yẹn, torí náà, ìlọ́po 4 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, torí pé bọ́ọ̀lù méjì péré ló gbé yẹ̀ wò. A ó padà síbẹ̀.

Fún móòlù 1 kábọ́nì dáyọ́sáìdì, b jẹ́ 0.0427 lítà, ìyẹn nǹkan bíi mìlílítà 43. Nínú lítà 25, kò tó nǹkan kan. Nínú lítà 1, a kò lè fojú fò ó mọ́.

Ẹni tí wọ́n fà láṣọ

Lẹ́tà a ló gba àròjinlẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí ọkùnrin kan bá fẹ́ jà láàárín ẹbí rẹ̀. Ó ń fò síwájú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì dì í láṣọ mú lẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lè bà ẹni tó ń bá jà, ṣùgbọ́n kò ní wúwo bí ì bá ṣe wúwo ká ní wọ́n fi í sílẹ̀.

Bí mólékù tó fẹ́ gbá ògiri ṣe rí gan-an nìyẹn. Èyí tó wà láàárín sìlíńdà kò ní ìṣòro, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fà á sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kò ní ẹnikẹ́ni níwájú mọ́. Ẹ̀yìn ni gbogbo ẹbí wà, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń fà á sí. Bó ṣe máa gbá ògiri, agbára rẹ̀ ti dín. Géèjì kò sì mọ ohun mìíràn ju agbára tó bá dé ara rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí van der Waals fi fi an²/V² kún P: ó ń dá ohun tí ìfàmọ́ra ti jẹ kúrò padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ n²/V², tí kì í ṣe n/V lásán? Ohun méjì ni fífún pọ̀ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gáàsì bá fún pọ̀ ní ìlọ́po méjì, àwọn tó ń gbá ògiri yóò di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń fa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn láṣọ náà yóò sì di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin ni. Bó bá fún pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìfàsẹ́yìn náà yóò di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí a kò fi ń rí i ní gbalasa, tó sì ń gba ilé mọ́ni lọ́wọ́ nínú sìlíńdà.

Iye a ti gáàsì kan yàtọ̀ sí ti òmíràn gan-an. Tí hílíọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúù ọmọdé, jẹ́ 0.035 péré, torí àwọn mólékù rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn. Tí kábọ́nì dáyọ́sáìdì jẹ́ 3.64. Tí ooru omi ju méjèèjì lọ, ó jẹ́ 5.54, torí mólékù omi máa ń dì mọ́ra wọn gírígírí.

Gíráàmù 44 nínú ìgò lítà kan

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. A kó gíráàmù 44 kábọ́nì dáyọ́sáìdì, ìyẹn móòlù 1, sínú ìgò irin tó gba lítà 1, ní 27 Sẹ́síọ́sì. Kí ni géèjì yóò kà?

Òfin inú ìwé ní ká fi 0.08314 lọ́po 300, ká pín in sí 1. Báà 24.9 ló jáde.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi ara fún àwọn mólékù náà. Àyè tí wọ́n lè sáré nínú rẹ̀ kì í ṣe lítà 1 mọ́, 0.9573 ló kù lẹ́yìn tí a ti yọ b. Bí a bá pín 24.94 sí i, ó di báà 26.05. Ara tí wọ́n ní ti fi nǹkan bíi báà 1.1 kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fa ara wọn. Níbi tí móòlù 1 bá ti wà nínú lítà 1, an²/V² kò ju 3.64 fúnra rẹ̀ lọ. Yọ ọ́ kúrò nínú 26.05, ó ku báà 22.4. Ohun tí wọ́n ń rí bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lóòótọ́ jẹ́ nǹkan bíi báà 22.

Bí a bá ṣe ìṣirò kan náà fún móòlù 1 hílíọ́ọ̀mù, ara gbé e sókè dé 25.55, ìfàmọ́ra rẹ̀ kò sì lè yọ ju 0.035 lọ. Ó kù sí báà 25.5, èyí tó ga ju ti inú ìwé lọ. Ẹ rí i pé gáàsì méjèèjì yapa sí òfin, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà yapa kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dá èyí mọ̀ ni pé wọ́n máa ń pín PV sí nRT. Bí èsì bá kéré sí 1, ìfàmọ́ra ló borí. Bó bá ju 1 lọ, ara ló borí. Ti kábọ́nì dáyọ́sáìdì nínú ìgò wa jẹ́ 0.90, ti hílíọ́ọ̀mù sì jẹ́ 1.02.

Kí ló wà nínú sìlíńdà náà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ká ní sìlíńdà náà gba lítà 3, tí wọ́n sì rọ kílò 2 kábọ́nì dáyọ́sáìdì sínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò nìyẹn, kílò méjì nínú lítà mẹ́ta. Ní 27 Sẹ́síọ́sì, bí a bá fi géèjì sí i, báà 67 ni yóò kà.

Ká ní a ti lo ìdajì rẹ̀, tó ku kílò 1, tí a sì jẹ́ kí sìlíńdà náà sinmi títí ìgbóná rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Òfin inú ìwé ní báà 189 ni géèjì gbọ́dọ̀ kà. Òfin van der Waals ní báà 70. Géèjì gidi ní 67.

Ẹ jẹ́ ká tún lò ó síi, kó ku kílò 0.8. Òfin inú ìwé ní ó ti já wá sí 151. Òfin van der Waals ní báà 70 náà ni. Géèjì gidi ṣì ní 67.

Ibi tí mo dé nínú ìṣirò yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi yé mi. Gáàsì ń jáde, ọwọ́ géèjì kò mira. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú sìlíńdà náà kì í ṣe gáàsì, olómi ni. Bí gáàsì orí rẹ̀ bá ṣe ń jáde ni olómi ìsàlẹ̀ ń hó láti dí àyè rẹ̀, ìfúnpá kò sì yí padà títí olómi náà yóò fi gbẹ. Ní 27 Sẹ́síọ́sì, ó di ìgbà tó bá ku nǹkan bíi kílò 0.8 nínú kílò 2 kí ọwọ́ géèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan náà ló fà á tí oníṣòwò gáàsì ìdáná fi ń tà á ní kílò: olómi ló wà nínú sìlíńdà yín nílé pẹ̀lú.

Gáàsì inú ìwé kò lè di olómi láéláé, bó ti wù kí òtútù mú un tó, torí kò sí ohun tó lè so mólékù rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà a ló mú olómi wọ inú ìṣirò, b ni kò sì jẹ́ kí wọ́n fa ara wọn wọlé tán pátápátá. Láti inú a àti b, èèyàn lè ṣírò ìwọ̀n ìgbóná tí gáàsì kan kò ti ní lè di olómi mọ́: 8a pín sí 27Rb. Fún kábọ́nì dáyọ́sáìdì, ó jẹ́ nǹkan bíi 304 Kẹ́lífìn, ìyẹn 31 Sẹ́síọ́sì tí Andrews rí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí eléyìí wú yín lórí jù. Láti inú ohun tí wọ́n wọ̀n ní ààlà yẹn gan-an ni wọ́n ti ń yọ a àti b tó wà nínú ìwé, torí náà kò lè ṣe kó má bá a mu.

Ibi tí òfin náà ti kọsẹ̀

Ẹ kíyè sí i pé mo fo sìlíńdà tó kún. Bí kílò 2 bá pé nínú rẹ̀, òfin inú ìwé ní báà 378, èyí tó jìnnà pátápátá sí 67. Òfin van der Waals ń kọ́? Ó ní báà 234. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po mẹ́ta òótọ́ lọ.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú sìlíńdà tó kún, àyè tó kan móòlù kọ̀ọ̀kan kò ju mìlílítà 66 lọ. Lẹ́tà b ti gba 43 níbẹ̀, ó ku 23. Apá ti ara wá ń sọ pé báà 1070, apá ti ìfàmọ́ra ń yọ 835. Nígbà tí nọ́ńbà ńlá méjì bá ń yọ kúrò nínú ara wọn báyìí, àṣìṣe kékeré nínú b yóò di ńlá nínú èsì. Àṣìṣe sì wà nínú b. Ẹ rántí pé bọ́ọ̀lù méjì ni a fi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mólékù bá fún pọ̀ bíi sádíìnì, àgbègbè èèwọ̀ ti ọ̀kan ń gorí ti èkejì, torí náà èèwọ̀ gbogbo wọn kéré ju iye tí b ń kà lọ. Lẹ́tà b kò dúró sójú kan bí van der Waals ṣe kọ ọ́. Àmì kan náà hàn ní ààlà 31 yẹn: òfin náà ní mìlílítà 128 ni móòlù 1 yóò gbà níbẹ̀, ohun tí wọ́n wọ̀n jẹ́ 94.

Nítorí èyí, àwọn ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ epo àti gáàsì lónìí kì í fi òfin ọdún 1873 ṣe ìṣirò páìpù wọn. Wọ́n ń lo àwọn tó jáde lára rẹ̀, bíi ti Redlich àti Kwong ní ọdún 1949, àti ti Peng àti Robinson ní ọdún 1976. Àmọ́ bí a bá ṣí àwọn òfin wọ̀nyẹn wò, apá kan ṣì wà fún ara, apá kan sì wà fún ìfàmọ́ra. Apá ìfàmọ́ra ni wọ́n tún ṣe jù. Van der Waals fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1910, ọdún méjì lẹ́yìn tí Heike Kamerlingh Onnes, ní ìlú Leiden yẹn kan náà, sọ hílíọ́ọ̀mù di olómi pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà èrò rẹ̀. Hílíọ́ọ̀mù tí a rẹ̀ kò ju 0.035 lọ náà ní ẹbí lẹ́yìn; òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ni wọ́n fi rí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti kọ kílò sìlíńdà náà sílẹ̀ kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ó fi wé iye tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin náà, ó ní kò tíì jò, ó sì gbé e kọ́ padà. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé ní ọ̀sán. "Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n gbé e kúrò lójú oòrùn yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá ti ju 31 lọ, kò sí olómi níbẹ̀ mọ́."